Ìlà àárín táìlì ilẹ̀ ti dúdú: bílíìṣì ń fọ̀ ọ́, ó sì tún ń padà

Onílé_Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Táìlì ilẹ̀ yàrá ìdáná àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ń dán, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì tí ó wà láàárín wọn ti di dúdú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti pọ́n rúsúrúsú nítòsí ibi ìdáná. Àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó jẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ. Mo ti da bílíìṣì sí i léraléra. Ó máa ń mọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá fọ̀ ọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi dúdú. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi mọ́ọ̀pù àti ọṣẹ olómi nu ilẹ̀, garawa kan ni mo sì ń lò. Kí ni mo lè ṣe tí yóò fi mọ́, tí kò sì ní tètè padà?

Ìyá_Ẹ̀bùn

Ẹ bu sódà tí a fi ń ṣe kéèkì sórí ìlà náà, kí ẹ wá da fínígà lé e. Yóò hó, híhó yẹn ni yóò sì fa ìdọ̀tí jáde láti inú. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa. Ẹ fi bílíìṣì sílẹ̀, nítorí pé kì í kó ìdọ̀tí kúrò, ó kàn ń bó àwọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Adúgbò

Bí àbàwọ́n bá ti wọ táìlì lára débi pé fífọ̀ kò ràn án mọ́, dídán ojú rẹ̀ ni ó ti ṣí. Èmi kò rí ohun tí a lè fi fọ irú rẹ̀. Ẹ hú u, kí ẹ sì tẹ́ èyí tí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Onílé_Kejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àbàwọ́n kankan lójú táìlì fúnra rẹ̀. Ìlà símẹ́ńtì àárín wọn nìkan ni mo ń sọ. Ìyá Ẹ̀bùn, mo ní fínígà nílé, mo lè gbìyànjú rẹ̀ lónìí.

Atẹ́táìlì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì da fínígà síbẹ̀. Ilẹ̀ tí bílíìṣì ti wọ̀ léraléra ni ẹ ń sọ, tí bílíìṣì àti fínígà bá sì pàdé, èéfín olóró ni ó ń jáde, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan gbogbo ilẹ̀ náà dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Ohun tí ó wà nínú ìlà náà ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó sọ ohun tí a ó fi fọ̀ ọ́. Símẹ́ńtì àárín táìlì ní ihò wínníwínní, ó sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ojú táìlì lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni omi mọ́ọ̀pù máa ń sàn lọ láti ojú táìlì tí kò lè fà á mu. Omi yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti ọṣẹ tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá a lọ. Ọṣẹ tí ó gbẹ síbẹ̀ a máa lẹ̀, eruku ẹsẹ̀ ọjọ́ kejì yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín, ohun tí ẹ fi ń nu ilẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ó ń dá dúdú náà padà, bílíìṣì kò sì lè dá a dúró, nítorí pé ó lè bó àwọ̀ díẹ̀ nínú ìdọ̀tí náà, ṣùgbọ́n kì í ká ọṣẹ àti ọ̀rá kúrò nínú ihò.

Ó tún lè jẹ́ ìhù, ìyẹn ohun dúdú tí ó máa ń hù sára ohunkóhun tí kì í gbẹ. Ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ọ̀rinrin ni a ó kọ́kọ́ bá jà níbẹ̀.

Ẹ dán ohun mẹ́ta wò fún mi, kí ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó yàtọ̀, kí ẹ sì ṣan ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ní ọṣẹ rárá sórí ìlà kan níbi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà gbo ó. Bí ó bá yọ ìfóófòó, ọṣẹ àtijọ́ ni ẹ ń rí yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kán bílíìṣì tí ẹ ti fi omi là sórí ibòmíràn tí ó dúdú, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 2. Ìhù yóò ṣí lójú yín, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí lásán kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Paríparí rẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ibì kan jẹ́jẹ́, kí ẹ wo bóyá àwọ̀ eérú wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún gbé ohun kan tí ó ti pẹ́ lójú kan kúrò, bíi kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ wo ìlà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá mọ́, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ àti mọ́ọ̀pù ni ó ń ba èyí tí ó wà níta jẹ́.

Onílé_Kejì

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìfóófòó funfun ni omi lásán yọ, ó sì yà mí lẹ́nu nítorí pé n kò fi ọṣẹ kan án lọ́jọ́ náà. Bílíìṣì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i padà, àwọ̀ eérú sì hàn nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha á. Ìlà abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ. Nítòsí ibi ìdáná, ó fóófòó pẹ̀lú, ohun tí ó sì wọ abẹ́ èékánná mi ń yọ̀ bí ọ̀rá. Ibì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: ìlà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Bílíìṣì mú un ṣí lójú mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ha á, inú rẹ̀ ṣì dúdú.

Atẹ́táìlì

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ọṣẹ àti ìdọ̀tí ni ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rá àti ọṣẹ ni ti ibi ìdáná. Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sílẹ̀ ná, nítorí pé kò jọ àwọn yòókù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ó tó mítà 1 ní gígùn àti ní ìbú ni kí ẹ máa mú, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe fún yín láti kó omi ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ìdí iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì àti oògùn yóò tú ìdọ̀tí sínú omi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi omi náà sílẹ̀ tàbí tí ẹ fi mọ́ọ̀pù tì í káàkiri, inú ihò kan náà ni yóò padà sí. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kúrò nílẹ̀ ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ tí ó nípọn sórí rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi fa omi mu, kí ẹ gbé e sókè láìfà á nílẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá rin.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbo ó, kí ẹ sì tún un ṣe títí ìfóófòó kò fi ní yọ mọ́. Ní ilẹ̀ bíi tiyín, díẹ̀ kọ́ ni èyí nìkan yóò yí padà. Nígbà náà ni ọwọ́ yóò kan ìyẹ̀fun ìfọṣọ tí ń mú ọ́síjìn jáde, èyí tí a ń pè ní sódíọ̀mù pàkábónéètì. Ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 sínú lítà 1 omi tí ó gbóná tó bí ọwọ́ ti lè gbà á, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ dà á sórí ìlà kí ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ó bá ń gbẹ, ẹ fi kún un, nítorí pé ibi tí ó bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ parí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà tí ó le, tí ojú rẹ̀ tínrín, gbo ó. Ẹ ó kó omi náà kúrò, ẹ ó sì fi omi mímọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì tún kó ìyẹn náà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ tí kò hàn, nítorí pé àwọn àwọ̀ kan máa ń ṣí.

Ìwọ̀nba tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ pò, kí ẹ má sì ṣe rọ èyí tí ó ṣẹ́kù sínú ìgò kí ẹ dé e pa. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú rẹ̀ lè bẹ́ ìgò náà.

Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin. Yóò jẹ símẹ́ńtì náà, èérún irin tí ó bá sì kán síbẹ̀ yóò dógùn-ún, ẹ ó wá rí àwọ̀ rúsúrúsú mìíràn tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀.

Ní ibi ìdáná, ẹ fi ìgbésẹ̀ kan ṣáájú gbogbo èyí: ẹ kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ìlà fún bí ìṣẹ́jú 10 kí ó lè tú ọ̀rá, ẹ gbo ó, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ náà títí kò fi ní kù. Bí ẹ bá fi ọ̀rá sílẹ̀, omi ọ́síjìn kò ní lè dé ìdọ̀tí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Símẹ́ńtì tí ó rin máa ń dúdú ju èyí tí ó gbẹ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti tún ilẹ̀ tí ó ti mọ́ fọ̀ nítorí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ wò ó.

Ìyá_Ẹ̀bùn

Bàbá, mo gbọ́ ti bílíìṣì àti fínígà, ẹ ṣeun tí ẹ kìlọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi sódà àti fínígà fọ ti ilé mi, ó sì mọ́. A kò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Mọ́tótó_Níṣẹ́

Ìyá Ẹ̀bùn, òtítọ́ ni pé ó mọ́. Iṣẹ́ ilé fífọ̀ ni mo ń ṣe, mo sì ti rí i tí ó mọ́. Sódà náà ń ha nǹkan díẹ̀ bí iyanrìn, búrọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́wọ́ yín, àwọn méjèèjì ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Fínígà ni kò ràn yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá dà á lé sódà, ọ̀kan ń pa agbára èkejì ni. Híhó yẹn ni ẹ fi ń mọ̀ pé wọ́n ń parí ara wọn, omi iyọ̀ díẹ̀ ni ó sì máa ń ṣẹ́kù. Ẹ po sódà pẹ̀lú omi díẹ̀ kí ó ki, kí ẹ fi gbo ó, ẹ ó rí irú mímọ́ kan náà.

Èyí tí ó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni fínígà tí a fi ń fọ ìlà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ásíìdì ni, kálísíọ̀mù inú símẹ́ńtì ni ó sì ń jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà yóò mọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ń bó lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń bó ni ihò rẹ̀ ń gbòòrò, ìdọ̀tí yóò sì túbọ̀ rí àyè wọlé. Ẹ fi ìka ra ìlà tí ó gbẹ. Bí nǹkan bí iyanrìn bá ń bọ́ sí yín lọ́wọ́, ó ti ń jẹ ẹ́. Èyí tí ó le ju fínígà lọ, irú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ símẹ́ńtì kúrò lójú táìlì tuntun, a máa ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn kíákíá. Tí ó bá sì jẹ́ mábù ni ilẹ̀ yín, fínígà lásán ti tó láti pa ojú rẹ̀ kú.

Atẹ́táìlì

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ásíìdì ti wúlò. Bí omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ bá ní irin nínú, àwọ̀ rúsúrúsú tí ó ń fi sílẹ̀ kì í gbọ́ ti omi ọ́síjìn, bílíìṣì sì lè mú un le sí i. Oògùn ásíìdì tí ń ká ògùn-ún irin kúrò ni a ń lò fún ìyẹn, ní ìwọ̀nba àti fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti fi omi rin símẹ́ńtì náà kí ó má baà fa oògùn wọnú, a ó sì ṣan án dáadáa. Bí ilẹ̀ àti ìdí agbada ìwẹ̀ bá ní irú àwọ̀ rúsúrúsú kan náà, ẹ fura sí omi. Kì í ṣe ti Onílé Kejì nìyí, nítorí pé ti wọn ń yọ̀ bí ọ̀rá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ti ilé ìwẹ̀ mi ńkọ́? Ìlà tí ó wà ní igun, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ti dúdú tótó. Mo ti gbo ó, mo ti da omi ọ́síjìn sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ, kò yí padà rárá.

Mọ́tótó_Níṣẹ́

Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀ bí rọ́bà, sílíkónì ni, kì í ṣe símẹ́ńtì. Ìhù máa ń wọ inú sílíkónì lọ, fífọ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹ fi abẹ gé e kúrò tán, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi tuntun sí i, kí omi má sì kàn án fún wákàtí 24.

Onílé_Kejì

Mo padà wá jábọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti mọ́. Táwẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo tẹ́ sí i dúdú bí omi èédú, ó sì hàn sí mi pé inú ìlà ni mo ti ń dá a padà sí tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọ̀ eérú náà ti padà, àfi ibì kan nítòsí ilẹ̀kùn tí ó ṣì ṣókùnkùn díẹ̀. Ibi ìdáná sàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlà méjì tí ó wà níwájú ààrò gan-an ṣì rúsúrúsú, bí mo tilẹ̀ tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe máa nu ilẹ̀ nísinsìnyí?

Atẹ́táìlì

Garawa méjì ni kí ẹ máa lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan mọ́ọ̀pù. Ọṣẹ tí ó tó ṣíbí tíì 1 tó fún garawa kan. Bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ garawa mọ́, ẹ da omi náà nù. Lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ gba ibi tí omi bá dúró sí.

Ìlà méjì iwájú ààrò yẹn, ó ṣeé ṣe kí òróró gbígbóná ti wọ̀ ọ́ jinlẹ̀. Ẹ tún ìgbésẹ̀ ọṣẹ ìfọ-abọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá yí padà, ẹ má ha á mọ́. Ẹ lè kun àwọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìlà táìlì lé e, tàbí kí wọ́n gbẹ́ símẹ́ńtì ìlà méjèèjì, kí wọ́n sì kún un ní tuntun. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹ rí i pé wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ó kéré tán ìdajì ìnípọn táìlì, nítorí pé símẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bá rẹ́ lé ti àtijọ́ lórí yóò ṣí.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ fún ó kéré tán wákàtí 24, mo gbà yín nímọ̀ràn láti fi sílà, ìyẹn ohun olómi tí ń wọ inú símẹ́ńtì kí omi àti òróró má baà ráyè wọ̀ ọ́, pa ìlà ibi ìdáná. Ẹ kán omi sórí ìlà kí ẹ tó rà á: bí omi náà bá wọlé tí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí sílà níbẹ̀. Ẹ nu èyí tí ó bá kan ojú táìlì kúrò kí ó tó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fi àmì ṣíṣú sílẹ̀.

Mọ́tótó_Níṣẹ́

Atẹ́táìlì, níbí ni èmi àti ẹ̀yin ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí mo ń tọ́jú kò ní sílà, wọ́n sì mọ́, nítorí pé a kì í fi omi ìdọ̀tí sílẹ̀ kí ó gbẹ. Mo sì ti rí èyí tí wọ́n pa sílà lé nígbà tí ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀, tí a kò sì rí i fọ̀ jáde mọ́. Kí wọ́n lo garawa méjì náà fún oṣù díẹ̀ ná kí wọ́n tó na owó lórí rẹ̀.

Atẹ́táìlì

Mo gbà fún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní iwájú ààrò, òróró kì í dúró de garawa, mo ṣì dúró lórí sílà níbẹ̀. Ilé wọn ni, kí wọ́n yan èyí tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Onílé_Kejì

N ó ṣe ti ibi ìdáná, n ó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni ó kù. Mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ó mọ́, ó sì ti tún ń dúdú láti ìsàlẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í da omi síbẹ̀.

Atẹ́táìlì

Èyí kò kan ọṣẹ mọ́. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ó mọ́ gaara, kí ó fẹ̀ tó ìwé kan, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá náà, tàbí tí ìlà tí ó bò dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rinrin ń gòkè láti abẹ́ táìlì. Nígbà náà, kí oníṣẹ́ omi yẹ páìpù àti ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà jáde wò kí ẹ tó tún fi ohunkóhun fọ̀ ọ́. Bí abẹ́ ọ̀rá náà bá gbẹ, ẹ padà wá sọ fún wa, kí a lè wo bóyá omi ẹsẹ̀ àwọn tí ń jáde láti ilé ìwẹ̀ ni.

Onílé_Kejì

Mo ti lẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ yìí. N ó wá sọ ohun tí mo bá rí.